Bí Sewanu Ṣe Sọ Dosi Di Olè

Ẹ má sọ níwájú mi pé ìkà ni Sewanu. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà. Mo bá a gbé yàrá kan náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Àgbádárìgì, lọ́dún 1959, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí, tí àwa méjèèjì wà ní ọdún kìíní. Eku wọ inú àpótí rẹ̀, ó jẹ ṣòkòtò kan ṣoṣo tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Sewanu mú eku náà nírù, ó lọ tú u sílẹ̀ lẹ́yìn ọgbà. Mo ní, "Sewanu, ṣé orí ẹ pé ṣá?" Ó ní ẹran ara rẹ̀ kéré ju kóun pa á lọ. Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn. Ìkà kò pọ̀ láyé tó bí ẹ ṣe rò. Irú Sewanu ló pọ̀, irú wọn ló sì ń bà mí lẹ́rù.

Èmi Bọ́ládé, ọmọ Aradagun ni mí, ẹnu mi kì í sinmi, inú mi sì tètè máa ń ru. Sewanu, ọmọ Gberefu ni, lórí iyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi la fi ń dé ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Zinsu, àbúrò ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń fa àwọ̀n létí òkun, ló tọ́ ọ dàgbà. Zinsu yìí ní ọmọbìnrin kan, Dosi, tí wọ́n bí tẹ̀lé ìbejì, èyí tí àwa ń pè ní Ìdòwú. Ẹ̀yìn Sewanu ni Dosi gbé dàgbà. Sewanu ló kọ́ ọ ní a, b, d. Òun ló bẹ Zinsu títí tí bàbá náà fi gbà kí ọmọ rẹ̀ rékọjá wá kàwé ní ìlú, kó máa gbé lọ́dọ̀ ìbátan wọn kan, kó sì máa lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀. Fofo ni Dosi ń pè é, bí àwọn Ègùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin.

Ohun kan wà tí Sewanu fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi nípa àwọn ará ilé rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń la ìgbì kọjá lọ sójú òkun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ké. Okùn lè bó ọ lọ́wọ́, àjẹ̀ lè gbá ọ lẹ́nu, o ò gbọdọ̀ ké. Etí ni ẹni tó ń tukọ̀ fi ń mọ ìgbì tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí o bá ké, ó lè má gbọ́ ìgbì náà, kí gbogbo yín sì bómi lọ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ wọn ní èyí. Bí ọmọ Gberefu bá fara pa, yóò di eyín, yóò wo iwájú. Àwọn tísà ìlú kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá na ọmọ Gberefu tí kò sunkún, wọ́n á ní àfojúdi ni, wọ́n á tún fi kún un. Sewanu sọ ọ́ fún mi tìbínú-tìbínú. Ó ní òun fẹ́ di tísà kí òun lè fòpin sí i.

Lẹ́yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà, níbi tí àwa ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ń fi iṣẹ́ tísà dánra wò. Hẹ́dímásítà ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Mákánjú. Inú omi iyọ̀ ló ń rẹ pàṣán rẹ̀ sí. Láti ilé ìdáná wa la ti máa ń gbọ́ igbe àwọn ọmọ, àwọn aláṣè wa á sì máa gbọn orí. Ó máa ń sọ pé, "Tísà tí kò lè na ọmọ, kó lọ máa ṣá àgbọn."

Adédìran ló kọ́kọ́ kó sí i lọ́wọ́ nínú àwa tuntun. Mákánjú ní kó na ọmọkùnrin kan tó pẹ́ dé. Adédìran ní ọmọ náà ti ṣàlàyé, ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Háà! Mákánjú gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá ògiri, ó ní, "Nà án, tàbí kí n kọ̀wé kí wọ́n lé ẹ kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lónìí!" Adédìran gba pàṣán. Ó nà án títí ẹ̀jẹ̀ fi ta sí ara pátákó. Nígbà tó padà dé yàrá, ó bì. Ó ń sọ pé, "Ọmọ yẹn ò ṣe nǹkan kan. Mákánjú ló fipá mú mi. Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́." Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ ọ́ títí dòní. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ilé ìwé yìí kan náà ni Dosi ń lọ, ọ̀ràn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí sísọ́ọ̀sì Tọ̀yìbátù sọnù. Tọ̀yìbátù ni tísà tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán. Wọ́n wá sísọ́ọ̀sì náà títí, wọn ò rí i. Ẹnì kan ní Dosi ló gbẹ̀yìn nínú kíláàsì. Irọ́ ni o! Nígbà tí kíláàsì aṣọ rírán ń tú, Dosi wà lẹ́bàá kànga, ó ń fa omi tí a fẹ́ fi nu pátákó. Sewanu ló rán an. Ojú mi ló ṣe. Èmi ni mo na korobá sí ọmọ náà.

Mákánjú pè wá síwájú gbogbo ilé ìwé. Ẹ wò ó, lọ́jọ́ náà kò pariwo rárá. Ara rẹ̀ yá gágá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Sewanu, ìbátan rẹ ni ọmọ yìí, mi ò ní fipá mú ẹ. Bó o bá fẹ́, fi pàṣán bi í léèrè. Bó ò bá fẹ́, fi í sílẹ̀, kò sí nǹkan kan tí màá fi ẹ́ ṣe. Ọwọ́ ẹ ló kù sí." Ó na pàṣán náà sí i bí ẹni na obì síni. Mo wo Sewanu, mo ń retí kó sọ pé, "Sà, èmi ni mo rán an níṣẹ́." Ọ̀rọ̀ kékeré báyìí! Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹgbẹ́ wa dúró tì wá, gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín ìtìjú, ó gba pàṣán.

Èyí àkọ́kọ́ rọra balẹ̀. Dosi wo ojú rẹ̀, ó ní, "Fofo, mi ò jí i." Ó di eyín, ó wo iwájú. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé kò sunkún. Sewanu gbé ọwọ́ sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà tó ṣe, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ń nà án léjìká, ó ń nà án lẹ́yìn, aṣọ ilé ìwé Dosi ya, pàṣán náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa awọ ara. Ó ń pariwo, "Sunkún! Kí ló dé tó ò sunkún?" Ìwọ, Sewanu! Ìwọ tó o mọ̀! Mo fò mọ́ ọn, mo gba pàṣán náà lọ́wọ́ rẹ̀, Mákánjú sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá mi lẹ́nu títí mo fi lulẹ̀.

Sewanu kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ṣebí ìwọ lo rán an lómi." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó yọ̀ sí mi bí ẹni tó ti sinmi dáadáa, ó ní, "Bọ́ládé, mo ti rò ó. Àárọ̀ ni mo rán an lómi, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ń tú." Mo ní irọ́ lo ń pa. Ó ní, "Ṣó o rí ojú rẹ̀? Ẹni tí ò jalè á ké." Mo ní, "Ìwọ ọmọ Gberefu lo ń sọ èyí?" Ó ní, "Gbogbo ọmọ Gberefu kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń sunkún. Dosi ti le láti kékeré, ẹ̀yin ni ẹ ò mọ̀ ọ́n." Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa bóyá ó ń purọ́. Kò purọ́. Ó gbà á gbọ́ pátápátá.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan kí Tọ̀yìbátù tó sáré wọ ilé ìwé pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Àárín aṣọ tó kó lọ rán létí nílé ló wà. Ó bú sẹ́kún níwájú gbogbo wa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo gbé e lọ. Ọmọ ọlọ́mọ ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Mo rò pé ó tán. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tán, kó tún ojú rẹ̀ nù. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, líle ló ń le sí i. Sewanu ní, "Ẹ ò rí i bí? Ìgbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ ti le, ó yọ́ kẹ́lẹ́, ó fi í sáàárín aṣọ. Ọgbọ́n olè nìyẹn!" Tọ̀yìbátù búra, ó ní òun ni, òun ni. Sewanu ní àánú ló ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ló fa Dosi jáde ní ìlà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó tún nà án nítorí pé ó sọ tísà di òmùgọ̀. Ojú ọgbẹ́ àkọ́kọ́ kò tíì jinná. Àwọn ọgbẹ́ yẹn là, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dé ìgìgísẹ̀ ọmọ náà. Mákánjú ń pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ní kí n bá òun kálọ sí Gberefu. Mo lọ, torí mo rò pé ó fẹ́ lọ bẹ Zinsu. Dosi náà wà nílé fún ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe kan iyanrìn ni Sewanu lọ bá Zinsu létí àwọ̀n, níwájú gbogbo àwọn tó ń fa àwọ̀n, ó ní, "Bàbá, olè ni Dosi. Mo nà án títí, kò jẹ́wọ́. Ẹ bá mi bá a wí."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kẹ́ ẹ sì mọ ohun tí olè jẹ́ ní Gberefu: ẹja ni wọ́n ń dà sílẹ̀ lórí iyanrìn láìsí olùṣọ́, kóńkó jabele kò sí níbẹ̀. Bí olè bá wọ àárín wọn, kò sí ẹni tó lè fi ẹja rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ọwọ́ olè ni wọ́n ń lù. Ojú Zinsu pọ́n. Ó pe Dosi, ó ní, "Ṣé Fofo rẹ purọ́?" Ọmọ náà wo Sewanu, ó ń wò ó bí ẹni pé yóò sọ nǹkan. Sewanu gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Dosi ní, "Mi ò jí i, Bàbá."

Zinsu di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó tẹ́ ẹ sí etí ọkọ̀, ó sì gbé àjẹ̀. Mo kígbe, mo sáré. Ọkùnrin méjì gbá mi mọ́lẹ̀, mo bu ọ̀kan jẹ ní apá, ó fi orúnkún gún mi níhà. Àjẹ̀ balẹ̀. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ń dún. Ó tún balẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ń da iyanrìn sí Dosi lójú, wọ́n ń hó, "Olè! Olè!" Àwọn ìyá tó ti fún un lóúnjẹ jẹ o! Sewanu dúró, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé, "Ẹ rí i pé kò jẹ́wọ́. Ẹ rí i."

Èmi ni mo gbé Dosi sọdá lọ sí dìsípẹ́nsárì. Ọkùnrin ibẹ̀ di ọwọ́ náà mọ́ igi, ó ní ìka ọwọ́ yẹn kò ní lè di nǹkan mú mọ́. Mo sunkún títí. Mo pinnu pé bí mo bá padà dé yàrá, màá pa Sewanu.

Ohun tó dá mi dúró ni kíláàsì Ọ̀gbẹ́ni Gbádéyan. Òun ló ń kọ́ wa ní ìmọ̀ nípa ọkàn ènìyàn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé dé, ó sì ní ẹ̀kọ́ tuntun kan wà tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde. Ó kọ ọ́ sí pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ gbọọrọ méjì. Ó ṣàlàyé títí, kò yé ẹnikẹ́ni. Mo nawọ́, mo ní, "Sà, ẹ bá wa sọ ọ́ ní Yorùbá." Èèwọ̀ ni o! Wọn kì í sọ èdè ilé nínú kíláàsì nígbà náà. Ó yọjú wo ìta, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Ó dáa. Ká ní ọkùnrin kan mọ̀ pé sìgá ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ń mu sìgá lójoojúmọ́. Èrò méjì ló wà nínú rẹ̀ yẹn, wọn ò sì bára mu. Òkúta inú bàtà ni. Kò ní jẹ́ kó rìn dáadáa, ó gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Ó lè jáwọ́ nínú sìgá, ṣùgbọ́n ìyẹn le. Ó lè ní irọ́ ni, sìgá kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan. Ó sì lè wá èrò mìíràn kún un: bàbá òun mu ún dọjọ́ alẹ́, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Èyí tó bá rọrùn jù ni ọkàn máa ń mú. Kò sì ní mọ̀ pé òun ń ṣe é. Kì í ṣe pé ó ń purọ́ fún yín. Ó ti gbà á gbọ́."

Mi ò tiẹ̀ wo Sewanu. Mo ní, "Sà, bí ènìyàn bá lu aláìṣẹ̀ ńkọ́?"

Gbádéyan ní, "Ìyẹn gan-an ló burú jù. 'Ènìyàn rere ni mí.' 'Mo lu aláìṣẹ̀.' Àwọn èrò méjèèjì yìí kò lè gbé inú kan. Lílù ti ṣẹlẹ̀, kò ṣeé kó padà. Kò sì fẹ́ jọ̀wọ́ pé ènìyàn rere ni òun. Kí ló wá kù tó ṣeé yí? Ẹni tó lù náà ni. Yóò sọ pé ó tọ́ sí i. Bó bá ti wá gbà á gbọ́, yóò tún lè lù ú sí i, yóò sì máa wá àwọn mìíràn tí yóò bá a gbà á gbọ́. Ìkà paraku kì í ní wàhálà yìí o. Ìkà á lu ọmọ tán, á jẹun. Ẹni tó ka ara rẹ̀ sí ènìyàn rere ni òkúta náà ń gún."

Adédìran dìde. "Sà, èmi náà lu ọmọ tí ò ṣẹ̀, mi ò sọ pé ọmọ náà burú."

"Ṣé ó wù ẹ́ kó o lù ú ni?"

"Wọ́n ní wọ́n máa lé mi."

"Ó yé ẹ báyìí? Ìwọ ní ẹni tó o lè nàka sí. Àwọn méjèèjì ti bára mu nínú rẹ: 'Ènìyàn rere ni mí, wọ́n fipá mú mi.' Ẹni tí wọ́n fẹ̀rín bẹ̀, tí wọ́n ní 'bó o bá fẹ́,' kò rí ẹni tó máa di ẹ̀bi náà rù. Bí ohun tó tì í sí i láti ìta bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn tirẹ̀ ṣe máa ní láti yí tó."

Bẹ́ǹṣì Sewanu ṣubú gbàgà. "Olè ni!" Ó yíjú sí mi. "Bọ́ládé, ìwọ lo lọ sọ fún un! Olè ni Dosi!" Kí n tó dìde, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ti bá mi lẹ́nu. Eyín mi kan jábọ́ sórí tábìlì. Inú mi dùn, ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ti ń wá a. Mo fi orí kàn án ní imú, a jọ ṣubú sáàárín àwọn bẹ́ǹṣì, mo gun orí rẹ̀, mo ń fi orí rẹ̀ gbálẹ̀, mo ń pariwo pé, "Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́! Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́!" Ó wá ọ̀nà dé ọ̀nà ọ̀fun mi, ó sì fún un. Gbádéyan kó sáàárín wa, ó jẹ ẹ̀ṣẹ́ méjì, gíláàsì ojú rẹ̀ fọ́. Àwọn yòókù ló là wá.

Gbádéyan, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kànga àti ti Gberefu bíi gbogbo ọgbà, nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀. Kò pe Píríǹsípà. Ó kúnlẹ̀ ti Sewanu nílẹ̀, ó ní, "Mi ò bi ẹ́ bóyá olè ni. Mi ò bi ẹ́ irú ènìyàn tó o jẹ́. Ohun tó o rí nìkan ni kó o sọ. Ta ló rán Dosi lọ sí kànga?"

Sewanu ní, "Àárọ̀ ni—"

"Ta ni?"

"Èmi ni."

"Ìgbà wo?"

Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, mo ti rí i tí ọmọkùnrin yìí ń na ènìyàn, mi ò rí ohun tó le tó èyí. Ó ń wa ẹnu bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Ó ní, "Ìgbà tí wọ́n ń tú. Mo mọ̀. Mo mọ̀ kí n tó gba pàṣán." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó sì ń fi orí gbá ilẹ̀, àfi ìgbà tí a di orí rẹ̀ mú.

Gbádéyan ní kó lọ sọ ọ́ ní Gberefu bó ṣe sọ ọ́ níbẹ̀. Ó wá wò mí, ó ní, "Bá a lọ. Ẹ ṣọ́ra o. Àwọn náà ti lọ́wọ́ sí i." Kò yé mi. Mo rò pé bí òtítọ́ bá ti dé, ó parí.

Sewanu dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Zinsu lórí iyanrìn. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, kò fi ọ̀kan bò: kànga, korobá, sísọ́ọ̀sì inú aṣọ. Ó ní, "Dosi ò jí nǹkan kan, Bàbá. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn."

Mo ń wo ojú Zinsu. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọlé, tó sì rí ohun tó wà nínú rẹ̀: ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lórí etí ọkọ̀. Bí ìṣẹ́jú kan péré ni. Lẹ́yìn náà, ojú náà tì pa. Ó ní, "Irọ́ ni." Sewanu ní, "Bàbá—" Zinsu ti gbé àjẹ̀. "Ṣé o fẹ́ sọ mí di ẹni tó ṣẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lásán? Olè ni! Àánú ló ń ṣe ẹ́!" Ó lù ú léjìká, egungun ibẹ̀ kán. Àwọn tó da iyanrìn sí Dosi lójú náà rọ́ dé, wọ́n ní, "Olè ni! Ta ló fún ọ lówó kó o wá sọ èyí?" Wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi imọ̀ àgbọn lù ú, wọ́n lù mí mọ́ ọn. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé ọkọ̀.

Wọ́n ní irọ́ tó lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé irọ́ lè yíjú padà, kó lu òtítọ́ bolẹ̀. Tọ̀yìbátù lọ síbẹ̀, ó fi Kùránì búra. Wọ́n lé e wọ omi. Zinsu kú lẹ́yìn ọdún tó pọ̀, ó ṣì ń sọ lórí ẹní pé olè ni ọmọ òun. Sewanu ní tirẹ̀ parí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní Ibereko títí ó fi fẹ̀yìn tì. Apá rẹ̀ yẹn kò gbé sókè dáadáa mọ́.

Ṣùgbọ́n kó tó di ìyẹn, ó ṣì ń lọ sí Gberefu lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èmi náà ń bá a lọ, orí kunkun ni mí. Ilé dé ilé ló ń lọ. "Dosi ò jalè." Wọ́n á da omi ẹja sí i lára, wọ́n á sọ ọ́ lókùúta, á tún lọ sí ilé kejì. Ìbínú ti ń gbé mi, mo ní ká fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ kan, Dosi ló jókòó létí omi nígbà tí ọkọ̀ wa kan ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó ti ká wà lórí itan rẹ̀. Òkúta ti fọ́ Sewanu lórí lọ́sẹ̀ tó kọjá, aṣọ ṣì wà níbẹ̀. Dosi ní, "Fofo, má lọ bá wọn mọ́. Wọn ò lè gbà á. Wọ́n ti lù mí."

Sewanu ní, "Kí wá ni kí n ṣe? Ta ni kí n sọ ọ́ fún?"

Dosi ní, "O ti sọ fún Bàbá. O ti sọ fún gbogbo ilé. Èmi ńkọ́?"

Ẹ gbà mí o. Kò tíì sọ ọ́ fún un! Wọ́n ti lù ú káàkiri Gberefu nítorí rẹ̀, kò tíì wo ojú rẹ̀ rí. Orúnkún Sewanu kanlẹ̀ nínú omi. Ó ní, "Dosi, o ò jí i. Mo mọ̀ pé o ò jí i, mo sì nà ọ́."

Ìgbà yẹn ni mo rí omijé Dosi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Tún un sọ."

Ó tún un sọ.